Ìlà mẹ́ta péré ló wà lórí bíìlì ọmọ mi

Ayọ̀délé Òwódé (Àbámẹ́ta, 8:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń kọ èyí. Àpẹ́ńdíìsì ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló wú lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mọ́kànlá alẹ́ la dé ibẹ̀, wọ́n sì gba dípọ́síìtì ₦120,000 kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìyàwó mi, orúkọ ọmọ wà lórí NHIA rẹ̀, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, HMO tó ń bá wa san owó ìtọ́jú lábẹ́ rẹ̀ sì fún ilé ìwòsàn ní kóòdù àṣẹ láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ara ọmọ ti yá, a dúpẹ́. Àmọ́ bíìlì tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, ìlà mẹ́ta péré ló ní: iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú ₦412,600, HMO ₦265,000, aláìsàn ₦147,600. Wọ́n ní kí n san ₦27,600 tó kù ká tó máa lọ. Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé, káṣíà ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jáde nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Tákíé (8:41 àárọ̀)

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ti ní NHIA, HMO ló ń san gbogbo rẹ̀. Dípọ́síìtì tí wọ́n gbà yẹn gan-an, wọ́n rú òfin. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn pàjáwìrì, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ gbé ọmọ yín, ẹ máa lọ sílé.

Màmá Àkáǹtì (9:05 àárọ̀)

Ayọ̀délé, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ.

Ọmọ Tákíé, òfin tí o mẹ́nu bà wà lóòótọ́, abala 20 ni. Ohun tó kà léèwọ̀ ni kí wọ́n máa wo ẹni tó wà nínú ewu níran láìtọ́jú rẹ̀. Kò sọ pé ìtọ́jú náà di ọ̀fẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan ni HMO ń san. Lábẹ́ ètò òṣìṣẹ́ ìjọba, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó òògùn ṣì wà lọ́rùn aláìsàn. Bí bàbá yìí bá kàn gbé ọmọ jáde láìsọ nǹkan kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó sá, gbogbo ohun tó bá sì sọ lẹ́yìn náà kò ní wúwo mọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó nídìí bíìlì nílé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà kò lè dé orí ₦147,600 bí kò bá sí àwọn ohun tó rò pọ̀. Ojú ìwé mìíràn wà níbẹ̀ tó to ohun gbogbo sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Àkópọ̀ rẹ̀ ni káṣíà tẹ̀ fún yín, bóyá nítorí pé òun nìkan ni wọ́n fún un láṣẹ láti tẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bá káṣíà jà. Ẹ kọ ìwé kékeré, ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

«Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bíìlì ọmọ mi ní kíkún, láti ọjọ́ tó wọlé títí di òní: ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ ṣe tàbí tí ẹ lò, iye rẹ̀ lẹ́yọ, iye ìgbà, àti ẹni tó ń san án, yálà HMO tàbí èmi. Mo fẹ́ ti apá HMO náà pẹ̀lú nọ́ńbà kóòdù rẹ̀.»

Kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n kọ aago sí i. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lóṣù keje ọdún 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ owó ìtọ́jú yín láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ẹ lè dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣe agídí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé yẹn ni ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ. Apá tiwọn nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè. Àfi téèyàn bá gbé apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló fi lè rí ohun tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì Sábó (9:30 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ohun tí Màmá sọ, nítorí ibi tí wọ́n ti ń kọ bíìlì kọ́ ni òótọ́ ọ̀rọ̀ wà, inú fódà ní wọ́ọ̀dù ló wà. Kí wọ́n tó yọ ọmọ yín lórí ibùsùn, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kó bá yín wo ìwé méjì.

Àkọ́kọ́ ni ìwé dírípù. Àpò kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé kọ́, a máa ń kọ aago tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti aago tó tán, a ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ ka iye rẹ̀. Èkejì ni ṣáàtì òògùn, tó ní àpótí kéékèèké fún aago kọ̀ọ̀kan. Ibi tí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí, a fún un ní òògùn. Ibi tí a bá yí òrùka sí, a kò fún un nìyẹn, bóyá ọmọ ń bì, bóyá òògùn ti tán, bóyá dókítà ti dá a dúró. Fámásì lè ti gbé abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí dókítà bá yí i padà sí oníhóró lọ́jọ́ kẹta, ó yẹ kí èyí tó kù padà sí fámásì, kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bọ́ sọnù, kì í ṣe torí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ jalè. Wọ́ọ̀dù ò rántí dá a padà, àwọn àkáǹtì ò sì mọ̀.

Ẹ lè má rí fódà gbà mú lọ, ẹ sì má yà á ní fọ́tò láìgba àṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n bá yín kà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́pà Ọjà Ìgbò (10:12 àárọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ìyàwó ọmọ mi bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ₦210,000, a san ₦90,000, wọn ò jẹ́ kó lọ sílé. A ò sí nínú HMO kankan. Ṣé bí a bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ti ìjọba ìpínlẹ̀ báyìí, wọ́n á bá wa san ìyókù?

Màmá Àkáǹtì (10:30 àárọ̀)

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ tuntun. Rárá o, wọn ò ní í san ìyẹn. OYSHIA ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti ètò yòówù tí ẹ bá wọ̀ lónìí, kì í san ìtọ́jú tó ti kọjá. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nítorí ti ọ̀la, ó dáa. Ní ti bíìlì yìí, ìwé tí mo kọ fún Ayọ̀délé ṣiṣẹ́ fún yín náà, ẹ kàn yọ ọ̀rọ̀ HMO kúrò. Ẹ ní kí wọ́n tú ₦210,000 yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síwèé pé díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa san ìyókù, iye báyìí lóṣooṣù. Gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń ti èèyàn mọ́lé. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín tó gbọ́ ọ̀rọ̀ bá yín lọ, kó béèrè ní pẹ̀lẹ́ bóyá ńṣe ni wọ́n ń dá ìyàwó náà dúró nítorí owó, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwèé. Wọn kì í fẹ́ kọ ọ́.

Ayọ̀délé Òwódé (1:47 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an mà. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọ̀gá àkáǹtì ò sí títí di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo fún obìnrin tó ń ṣàkóso ní ìwé, ó kà á, ó pe ẹnì kan, kò tó wákàtí méjì wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Apá tèmi nìkan ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní ti HMO jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjì. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Fódà àti ìforúkọsílẹ̀, ₦5,000
Ibùsùn yàrá ẹni méjì, òru 5 ní ₦6,000, ₦30,000
Òògùn, ₦46,000
Ohun ìlò, ₦38,600
Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ àti sikáànù ikùn, ₦18,000
Ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, ₦10,000

Mo ní kí wọ́n tú ohun ìlò náà: ìbọ̀wọ́ tíátà méjìlá, ₦9,600, kánúlà mẹ́rin, ₦2,000, àpò dírípù méjìlá ní ₦1,500, ₦18,000, okùn mẹ́ta tí wọ́n fi ń rán ojú abẹ, ní ₦3,000, ₦9,000.

Nọ́ọ̀sì Sábó, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù fi ìka tọ ìwé dírípù láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi ń kà tẹ̀lé e. Mẹ́jọ ni. A kà á lẹ́ẹ̀mejì. Okùn yẹn wàyí, èmi fúnra mi ni mo sáré lọ rà á lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n ní tiwọn ti tán. Rìsíìtì fámásì tí mo ti rà á wà nínú báàgì ìyàwó mi, aago 12:52 òru ló wà lórí rẹ̀.

Màmá Àkáǹtì (2:25 ọ̀sán)

Ẹ káre. Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òru mélòó ni ọmọ sùn? Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Mẹ́rin ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn máa ń ka ọjọ́ tí aláìsàn ń lọ mọ́ ọn, àárọ̀ òní ni wọ́n sì ti ka tòní mọ́ tiyín. Kò bójú mu kí wọ́n gba owó òru tí ọmọ kò sùn lọ́wọ́ yín. ₦6,000 nìyẹn. Dírípù mẹ́rin tí kò sí nínú ìwé, ₦6,000. Okùn tí ẹ rà fúnra yín, ₦9,000. Mẹ́ta yìí ò ní àríyànjiyàn nínú, ₦21,000 ni lápapọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Òògùn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú tó mú wò. ₦46,000 ni wọ́n kọ sí apá tiyín. Bí ₦46,000 bá jẹ́ gbogbo owó òògùn, a jẹ́ pé ₦4,600 ló yẹ kí ẹ san, ₦41,400 tó kù sì jẹ́ ti HMO. Bó bá wá jẹ́ pé ₦46,000 ni ìdá mẹ́wàá, òògùn ọmọ yín ti di ₦460,000 nìyẹn, ó sì ju gbogbo bíìlì lọ. Nítorí náà, gbogbo owó òògùn ni wọ́n gbé lé yín lórí. Ohun tí n ò tíì mọ̀ ni bóyá wọ́n tún kọ ọ́ ránṣẹ́ sí HMO. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gba apá méjèèjì.

Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ìbọ̀wọ́ tíátà ò ti wà nínú owó iṣẹ́ abẹ tí HMO ń san. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ó wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ bi wọ́n, ẹ má fi jà.

Yàrá ẹni méjì ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ ẹ, àbí àyè ni kò sí ní wọ́ọ̀dù gbogbogbò?

Bàbá Kúnlé (2:50 ọ̀sán)

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá yẹn, kì í ṣe gbogbo ìnṣọ́ránsì ló rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa ló ra tèmi lọ́wọ́ HMO kan, ó ní iye tí wọ́n lè ná lọ́dún, iṣẹ́ abẹ náà ní iye tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ abẹ ìyàwó mi kọjá iye yẹn, èmi ni mo san èyí tó lé. Mo jà jà jà títí, nígbà tí mo wá ka ìwé àdéhùn, ó wà níbẹ̀.

Màmá Àkáǹtì (3:02 ọ̀sán)

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá Kúnlé. Ẹni tí ilé iṣẹ́ aládàáni bá ra tirẹ̀ fún, ìwé àdéhùn yẹn ni òfin rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ń sọ.

Ayọ̀délé Òwódé (6:35 ìrọ̀lẹ́)

A ti délé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Mo gbé ìwé dírípù tí mo kọ, rìsíìtì okùn, àti òru mẹ́rin síwájú obìnrin yẹn. Ó yọ ₦21,000 kúrò lójú mi níbẹ̀. Lórí ìbọ̀wọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe máa ń ṣe, mo sì jẹ́ kó lọ. Lórí òògùn, ó ní kóòdù tí HMO fún àwọn kò kan òògùn, pé kí n dúró dìgbà tí HMO bá sanwó. N ò mọ bí mo ṣe lè já a nírọ́, ọmọ sì ti ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé.

Yàrá yẹn, mi ò rántí pé mo yan nǹkan kan. Lóru yẹn, ibi tí wọ́n ní kí a gbé e sí la gbé e sí. Ìyàwó mi ní òun gbọ́ tí ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù ọmọdé ti kún. Kò sí ìwé kankan tí mo fọwọ́ sí nípa rẹ̀.

₦6,600 ló wá kù nínú ₦27,600. Mo san án.

Màmá Àkáǹtì (6:50 ìrọ̀lẹ́)

Kí lẹ kọ sórí rìsíìtì?

Ayọ̀délé Òwódé (6:58 ìrọ̀lẹ́)

Mo kọ ọ́ sórí ẹ̀dà tiwọn àti tèmi: «Mo san èyí kí ọmọ mi lè lọ sílé. Mi ò gbà pé mo jẹ gbogbo owó òògùn àti ibùsùn. A ó tún un ṣe bí HMO bá sanwó.» Òun náà fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi ló ní kí n kọ ọ́.

Màmá Àkáǹtì (7:05 alẹ́)

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín gidigidi. Ìwé yẹn lẹ máa nílò.

Ní báyìí, ẹ pe HMO lọ́jọ́ Ajé, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà kóòdù, kí ẹ sì béèrè ohun méjì: kí ni kóòdù náà kàn, àti pé nígbà tí kíléèmù, ìyẹn ìwé tí ilé ìwòsàn fi ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn, bá wọlé, kí wọ́n fi ẹ̀dà ohun tí ilé ìwòsàn kọ àti ohun tí wọ́n san ránṣẹ́ sí yín. Kí ìyàwó yín fi ìmeèlì tirẹ̀ béèrè, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ètò náà. Ó lè pẹ́ o. Òpin oṣù ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń kó kíléèmù jọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ayọ̀délé Òwódé (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, Ọjọ́rú, 12:10 ọ̀sán)

Mo padà dé o. Ilé ìwòsàn pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní HMO gé ₦18,000 nínú owó àwọn, pé kí n wá san án. Ìyàwó mi sì ti gba ìwé HMO lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe rí nìyí: ilé ìwòsàn béèrè ₦265,000. Iṣẹ́ abẹ, dókítà apàmọ̀lára àti tíátà ₦191,600, òògùn ₦41,400, ibùsùn òru 4 ní ₦3,500, ₦14,000, ìwádìí ẹ̀jẹ̀ àti sikáànù ₦18,000. HMO san ₦247,000. Ìwádìí àti sikáànù ni wọ́n gé, wọ́n kọ ọ́ pé «kò sí kóòdù».

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Adùnní Kíléèmù (12:48 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, HMO tiyín kọ́ ni mo wà. Kí Màmá tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa «kò sí kóòdù» yẹn. Kóòdù dé láago mẹ́sàn-án àárọ̀, sikáànù sì ti wáyé lóru. Lójú ẹni tó ń yẹ kíléèmù wò, ó rí bí ohun tí wọ́n ṣe láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì, wọ́n lè kọ́kọ́ tọ́jú aláìsàn kí wọ́n tó sọ fún HMO, láàárín wákàtí 48. Wọ́n sọ láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nírú èyí ni pé ẹni tó béèrè kóòdù dárúkọ iṣẹ́ abẹ nìkan, kò dárúkọ sikáànù. Désìkì NHIA ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ ìwé padà sí HMO pé pàjáwìrì ni, kí wọ́n fi aago tí ọmọ wọlé hàn. Wọ́n máa ń tún un wò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé fún aláìsàn, torí pé aláìsàn kọ́ ló ń béèrè kóòdù.

Ọmọ Tákíé (1:03 ọ̀sán)

Ṣebí mo sọ fún yín pé ẹ má san kọ́bọ̀.

Màmá Àkáǹtì (1:40 ọ̀sán)

Ọmọ mi, ká ní kò san nǹkan kan, kò ní rí ìwé kankan fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà.

Ayọ̀délé, ẹ mú bíìlì Àbámẹ́ta yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé HMO. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i, mo kàn fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìwádìí àti sikáànù wà nínú ₦147,600 tiyín. Ẹ ti san án. Wọ́n tún kọ ọ́ sí HMO, HMO gé e, wọ́n wá ń pè yín pé kí ẹ wá san án lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ohun tí ẹ jẹ lórí ìlà yẹn. Àwọn ló ní láti lọ bá HMO bí Adùnní ṣe wí, bí HMO bá sì gbà láti san án, ₦18,000 tiyín gbọ́dọ̀ padà wá.

Òògùn: ẹ san ₦46,000, HMO san ₦41,400. Àpapọ̀ jẹ́ ₦87,400 fún òògùn tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦46,000. Ọ̀rọ̀ pé kóòdù kò kan òògùn ti parí, nítorí àwọn ló béèrè owó náà, HMO sì san án. ₦41,400 yín ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà.

Ibùsùn: òru mẹ́rin, ẹ san ₦24,000, HMO san ₦14,000. Ìyẹn ₦14,000 ni kí wọ́n dá padà, ó kéré tán. ₦10,000 tó kù jẹ́ ìyàtọ̀ yàrá ẹni méjì. Bí ẹ bá yàn án fúnra yín, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí wọ́ọ̀dù bá kún tí wọ́n gbé yín síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sọ iye rẹ̀ fún yín, kò yẹ kó jẹ́ tiyín. Lóòótọ́, n ò lè sọ bí ìyẹn ṣe máa parí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò sí ìwé lọ́dọ̀ ẹnì kankan.

Ẹ kọ ọ́ lẹ́tà sí ọ̀gá àkáǹtì: ₦41,400 àti ₦14,000, ₦55,400 lápapọ̀. Ẹ fi bíìlì, rìsíìtì tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ìwé HMO sínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí HMO náà, kí ilé ìwòsàn rí i nísàlẹ̀ lẹ́tà pé ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yàrá, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, ẹ má rò ó mọ́ èyí tó dájú. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọn ò bá dáhùn, ọ́fíìsì NHIA ní Ìbàdàn ló kàn, nítorí àwọn ló fún ilé ìwòsàn àti HMO láṣẹ lórí ètò yìí.

Nọ́ọ̀sì Sábó (3:15 ọ̀sán)

Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù bí aláìsàn bá wọlé sí yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀ nítorí àyè. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìwé ìròyìn nọ́ọ̀sì alẹ́ Ìṣẹ́gun wò. Bí wọ́ọ̀dù ọmọdé bá kún, iye aláìsàn tó wà níbẹ̀ lóru yẹn wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Ayọ̀délé Òwódé (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ẹtì, 4:22 ìrọ̀lẹ́)

₦41,400 wọ àkáǹtì mi lọ́sàn-án òní. Wọ́n fi lẹ́tà tẹ̀lé e pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni, pé àwọn ti kọ̀wé sí HMO lórí sikáànù, kí n má sì dá ìpè ọjọ́sí lóhùn mọ́. Ti ibùsùn ₦14,000, wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yàrá. Nọ́ọ̀sì Sábó, mo ti kọ ọ́ síwèé pé kí wọ́n wo ìwé ìròyìn alẹ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n gbà á, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmá fún wọn máa pé lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀, lẹ́tà Ìbàdàn ti wà nílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́pà Ọjà Ìgbò (5:01 ìrọ̀lẹ́)

Mo bá yín yọ̀. Àwa náà gbé ìyàwó wa wálé ní ọjọ́ kejì tí Màmá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tú bíìlì náà, ₦24,000 ló jẹ́ ti ohun ìlò ìbímọ tí a kó wá láti ilé, wọ́n yọ ọ́. A ṣì ń san ìyókù, ₦16,000 lóṣù.